Ìméèlì kúkúrú sí Àlájà: káléńdà ilé àlejò tó ń fi ọjọ́ kan sẹ́yìn

Iṣẹ́: ojú òpó ìgbayàrá fún ilé àlejò oníyàrá mọ́kànlá kan l'Àgbádárìgì.
Àkókò: alẹ́ Sátidé 16 sí àárọ̀ Tùsìdeè 19, oṣù Kẹjọ 2025.
Owó tó jáde lápò mi: dátà ₦2,000, epo jẹnẹrétọ̀ ₦6,000, káàdì ìpè ₦1,500, àti ₦25,000 kan tí ẹ máa rí ìdí rẹ̀.

1. Ìpè alẹ́ Sátidé

Agogo méje kù díẹ̀ ni Àlájà tó ni ilé àlejò náà pè mí. Kò kí mi. "Ọmọ yìí, kí ni ẹ̀rọ yín ń ṣe fún mi gan-an?"

Tọkọtaya kan ló dé láti Ìbàdàn, ẹrù wọn ṣì wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní Sátidé làwọn sanwó fún. Ìwé tó wà ní rìsẹ́ṣọ̀n ní Fúráìdè. Gbogbo alẹ́ Fúráìdè ni wọ́n fi pa yàrá náà mọ́ dè wọ́n, wọn ò rí ẹnì kankan. Nígbà tí Sátidé mọ́, wọ́n fi yàrá fún ẹlòmíì, ilé sì kún. Àlájà ní láti mú tọkọtaya náà lọ sí ilé àlejò míì, ó sì fi ₦25,000 sanwó ibẹ̀ látinú àpò ara rẹ̀.

Mo ní kó bá mi wo fóònù wọn. Wọ́n ti ya àwòrán ojú ìwé tó jáde lẹ́yìn tí wọ́n sanwó tán: Sátidé 16 ló wà lórí rẹ̀. Ìméèlì tí ojú òpó wa fi ránṣẹ́ sí wọn ní ìṣẹ́jú kan náà ní 15. Àlejò kan, ìsanwó kan, ọjọ́ méjì. Ó yẹ kí n ti mọ̀ látibẹ̀ pé ohun tí àlejò ń rí lójú fóònù rẹ̀ dára, pé ojú ọ̀nà láti fóònù dé sáfà ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Mi ò ronú débẹ̀. Ariwo Àlájà ló kún etí mi.

2. Lọ́dọ̀ mi, kò sí nǹkan tó ṣe é

Mo ṣí lápútọ́ọ̀pù, mo yan ọjọ́ 16, mo wo inú àkójọ sáfà: 16. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. 16, 16, 16. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ sí Àlájà lórí Wọ́sáàpù pé ó jọ pé àlejò ló ṣi ọjọ́ tẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì fi ránṣẹ́ kí iná tó lọ. Lápútọ́ọ̀pù ò ní bátìrì tó dúró, mo bá mú fóònù mi láti máa bá iṣẹ́ lọ.

Lórí fóònù, mo yan 16. Sáfà kọ 15.

Kóòdù kan náà, èmi kan náà, lórí àga kan náà. Lápútọ́ọ̀pù ní 16, fóònù ní 15.

3. Àtúnṣe tó ba nǹkan míì jẹ́

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ló sọ ìméèlì kan di méjì. Agogo mọ́kànlá ti lù, Àlájà ti pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ló ń dín, kí n fi ọjọ́ kan kún un. Mo fi èyí sórí sáfà:

```php
$arrival = date('Y-m-d', strtotime($_POST['arrival'] . ' +1 day'));
```

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ àtilọ náà. Mo fi fóònù dán an wò, 16 wọlé gẹ́gẹ́ bí 16. Mi ò padà sórí lápútọ́ọ̀pù. Ká ní mo padà ni, 17 ni ǹ bá rí, ǹ bá sì ti mọ̀ pé mò ń fi òkúta di ihò eku. Agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ìméèlì ránṣẹ́: "Àlájà, mo ti rí i, mo ti tún un ṣe. Ẹ sùn dáadáa."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìyá kan tó ń gbé ní Àtìláńtà kọ̀wé sí rìsẹ́ṣọ̀n. Fúráìdè 22 ló yàn, ìméèlì wa ní Sátidé 23. Ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá mọ Àgbádárìgì mọ irú ọ̀sẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́: 23 oṣù Kẹjọ ni àjọ UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìrántí òwò ẹrú àti ìparẹ́ rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ rìn dé ọjà ẹrú àtijọ́ ní Vlekete kí wọ́n sì sọdá sí erékùṣù Gberefu máa ń fẹ́ wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Ẹni tó bá pàdánù alẹ́ Fúráìdè níbẹ̀, ta ni yóò wá yàrá fún un?

Àlájà ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ìwọ lo ní kí n sùn dáadáa." Ó sì gé fóònù.

4. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá

Ìyàtọ̀ láàárín lápútọ́ọ̀pù àti fóònù ni mo padà sí. Mo wo aago méjèèjì. Fóònù ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, lápútọ́ọ̀pù ní mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Láti ìgbà tí mo ti tún Línọ́ọ̀sì fi sínú rẹ̀ ló ti ń lọ bẹ́ẹ̀, fóònù ni mo fi ń wo àkókò, mi ò bìkítà. Mo tẹ `timedatectl`, ìlà tó ṣe pàtàkì nìyí:

```
Time zone: Etc/UTC (UTC, +0000)
```

Aago UTC ni gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, kì í sì í yí padà lẹ́ẹ̀rùn tàbí lójò. Kò sí bí àṣìṣe tó jẹ mọ́ ìyàtọ̀ aago ṣe lè hàn lórí ẹ̀rọ tí kò ní ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀rọ tí mo fi ń dán iṣẹ́ wò gan-an ló fi àṣìṣe pamọ́ fún mi.

Mo ṣí fáìlì káléńdà. Títí di 28 oṣù Keje, àpótí ọjọ́ tí búráúsà fúnra rẹ̀ ń pèsè la ń lò, ó sì máa ń fúnni ní ọ̀rọ̀ lásán: `2025-08-16`. Àlájà ní kò rẹwà, òótọ́ sì ni. Mo fi káléńdà aláwọ̀ kan rọ́pò rẹ̀. Ti tuntun yìí kì í fúnni ní ọ̀rọ̀. Àkókò ló ń fúnni, agogo méjìlá òru ọjọ́ tí àlejò tẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú aago fóònù rẹ̀. Èmi ni mo wá kọ ìlà tó sọ àkókò yẹn padà di ọ̀rọ̀:

```js
const arrival = picked.toISOString().slice(0, 10);
```

`toISOString` kì í wo aago ẹni tó ń lò ó. UTC ló ń kọ nígbà gbogbo. Nígbà tí agogo méjìlá òru bá lù tí Sátidé bẹ̀rẹ̀ níbí, agogo mọ́kànlá alẹ́ Fúráìdè ni lórí UTC. `slice(0, 10)` wá gé wákàtí dànù, ó fi ọjọ́ nìkan sílẹ̀, Fúráìdè ló sì kù. Kí ẹ lè fi ojú ara yín rí i, ẹ tẹ èyí:

```
TZ=Africa/Lagos node -e "console.log(new Date(2025,7,16).toISOString())"
2025-08-15T23:00:00.000Z
```

(7 yẹn ni oṣù Kẹjọ, nítorí oódo ni JavaScript ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù.) Mo yí `TZ` padà sí `Africa/Accra`, ó mú agogo méjìlá òru ọjọ́ 16 jáde, nítorí Gánà àti UTC dọ́gba. Mo fi í sí `America/New_York`, aago tí Àtìláńtà náà ń lò, ó mú agogo mẹ́rin òwúrọ̀ ọjọ́ 16 jáde. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn UTC kò lè rí àṣìṣe yìí láé. Wákàtí mélòó kan ni yóò kàn lé sí i nínú ọjọ́ kan náà, a ó sì gé e dànù. Ọ̀nà kan náà tó gba Ṣẹ̀mẹ̀ kọjá, ẹni tó bá yan ọjọ́ ní Kútọnu yóò rí àṣìṣe, ẹni tó bá yàn án ní Lómè kò ní rí i.

Lọ́ńdọ̀nù ló yà mí lẹ́nu. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé "Lọ́ńdọ̀nù: kò sí wàhálà." Mo dán an wò, ó mú 15 jáde. Lásìkò ooru wọn, láti Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan, aago wọn á bá tiwa dọ́gba. Ká ní oṣù Kìíní la wà ni, ọjọ́ wọn á tọ̀nà.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura ni pé ọjọ́ àtidé àti ọjọ́ àtilọ jọ ń sún sẹ́yìn ni. Alẹ́ mẹ́ta ṣì jẹ́ alẹ́ mẹ́ta, owó sì pé. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí yàrá ṣófo, ọmọ rìsẹ́ṣọ̀n kàn ń gba àlejò wọlé, ó ń rò pé wọ́n pẹ́ dé ni.

5. Àtúnṣe gidi

Mo kọ́kọ́ yọ `+1 day` kúrò lórí sáfà. Lẹ́yìn náà mo fi èyí rọ́pò ìlà burúkú yẹn:

```js
function dateText(d) {
  const m = String(d.getMonth() + 1).padStart(2, '0');
  const j = String(d.getDate()).padStart(2, '0');
  return d.getFullYear() + '-' + m + '-' + j;
}
```

Àwọn `get` mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, aago ẹni tó ń lo fóònù ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ tó tẹ̀ náà ni wọ́n máa kọ. Ọjọ́ àtidé kò ní wákàtí nínú, kò sì yẹ kó rìnrìn àjò gẹ́gẹ́ bí wákàtí.

Ohun méjì míì tẹ̀lé e. Mo yí ìparí orúkọ fáìlì káléńdà padà sí `?v=3`, nítorí fóònù àwọn tó ti wọ ojú òpó wa rí lè ti tọ́jú ti àtijọ́ pamọ́, àṣìṣe á sì máa bá a lọ lọ́dọ̀ wọn nìkan. Mo sì fi aṣọ́bodè sórí sáfà: ọjọ́ àtidé tó bá ti kọjá lọ, kó dá a padà. Aago sáfà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Èkó kí èyí tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà mo fi `date_default_timezone_set('Africa/Lagos');` sókè pátápátá. Ká ní aṣọ́bodè yìí ti wà láti oṣù Keje ni, ẹni àkọ́kọ́ tó bá gba yàrá fún ọjọ́ náà gan-an ni ì bá ti tú àṣírí.

Mo tún aago lápútọ́ọ̀pù ṣe pẹ̀lú `sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos`, mo pa búráúsà kí n tó tún un ṣí.

6. Àwọn tó ti gba yàrá sílẹ̀

Kóòdù tó dára kò tún ọjọ́ tó ti wọlé ṣe. Mo kọ́kọ́ wá ẹ̀rí:

```sql
SELECT id, arrival, created_at FROM bookings
WHERE arrival < DATE(created_at);
```

Mẹ́rin jáde. Àlejò mẹ́rin tí ìwé sọ pé wọ́n dé lánàá sí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lónìí.

Láti 28 oṣù Keje, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn. Mẹ́tàdínlógún ti kọjá. Ó ku mẹ́rìnlá tó ṣì ń bọ̀. Mo fẹ́ fi nọ́ńbà fóònù pín wọn, kí n fi ọjọ́ kan kún ti gbogbo ẹni tó bá ní +234. Mo dúró. Nọ́ńbà kì í sọ ibi tí ènìyàn wà lọ́jọ́ tó tẹ bọ́tìnì. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà nílẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú nọ́ńbà ilé. Mo pe àwọn mẹ́rìnlá. Ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ dé?" Mi ò sọ ọjọ́ tó wà lọ́wọ́ mi fún wọn, kí wọ́n má baà kàn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mẹ́jọ ló sún sẹ́yìn, ará Lọ́ńdọ̀nù kan wà nínú wọn. Ìyá Àtìláńtà nìkan ló sún síwájú, ẹ̀bùn àtúnṣe àkọ́kọ́ mi. Márùn-ún tọ̀nà: méjì láti Gánà, ẹnì kan ní Níú Yọ́ọ̀kì, àti ọmọ Nàìjíríà méjì tó gba yàrá láàárín alẹ́ Sátidé àti àárọ̀ Mọ́ńdè, tí àtúnṣe burúkú mi ṣèèṣì bá wọn mu.

7. Ìméèlì

Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èkíní gùn bí ojú ọ̀nà Mowo. UTC wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ìdí tí mo fi yan káléńdà yẹn wà níbẹ̀, ìlà kóòdù wà níbẹ̀. Mo kà á bíi pé èmi ni Àlájà: mo dé ìparí, mi ò sì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Èkejì kúrú, ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó ní "àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ nínú ètò káléńdà." Ta ló ṣe é? Bíi pé òjò ló rọ̀. Mo pa á rẹ́.

Ohun tó tọ́ mi sọ́nà nígbà ẹ̀kẹta ni pé Àlájà kì í ka ìméèlì tán. Ó máa ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ rìsẹ́ṣọ̀n lórí Wọ́sáàpù. Ẹni méjì ló máa kà á, orí fóònù ni wọ́n á sì ti kà á. Èyí ni mo fi ránṣẹ́ ní àárọ̀ Tùsìdeè:

> Ọjọ́ tó ń yàtọ̀ lórí ojú òpó yín: ohun tí mo rí àti ohun tí mo ṣe
>
> Àlájà, ẹ káàárọ̀ mà.
>
> Láti 28 oṣù Keje tí mo ti pààrọ̀ káléńdà, ojú òpó yín ń kọ ọjọ́ ọ̀pọ̀ àlejò ní ọjọ́ kan ṣáájú èyí tí wọ́n yàn. Ẹni tó yan Sátidé, ìwé yín á ní Fúráìdè. Èmi ni mo ṣe é. Àlejò kò ṣi ọjọ́ tẹ̀, ọmọ rìsẹ́ṣọ̀n kò sì jẹ̀bi.
>
> Mo sọ fún yín lálẹ́ Sátidé pé mo ti tún un ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe yẹn ló ba ọjọ́ àlejò Àtìláńtà jẹ́. Ẹ má bínú.
>
> Aago ló fà á. Kóòdù mi ń lo aago tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà: nígbà tí ọjọ́ tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀ níbí, àná ló ṣì wà lọ́dọ̀ tirẹ̀.
>
> Láti alẹ́ àná, ọjọ́ tí àlejò bá tẹ̀ ló ń wọlé, ibi yòówù tó bá wà. Mo ti dán an wò pẹ̀lú aago Nàìjíríà, Gánà, Lọ́ńdọ̀nù àti Níú Yọ́ọ̀kì.
>
> Àlejò mẹ́rìnlá ló ṣì ń bọ̀. Mo ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú wọn ló yí padà. Ó wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá.
>
> Ohun méjì ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín lónìí: kí ọmọ rìsẹ́ṣọ̀n tún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣe nínú ìwé ńlá kó tó di ọ̀sán, kí ẹ sì sọ yàrá tí ẹ máa fún àlejò yàrá 4 àti yàrá 7 ní Sátidé 23, nítorí wọ́n ti forí gbárí pẹ̀lú ẹlòmíì. Màá pè wọ́n fúnra mi.
>
> Owó àlejò kankan kò yí padà. Mi ò ní gbowó iṣẹ́ yìí. Mo ti fi ₦25,000 tọkọtaya Ìbàdàn ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín.

Mi ò jẹ́ kí "ẹ má bínú" gùn ju gbólóhùn kan lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ kún tí àlejò dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kò ráyè ka ẹkún mi.

Àlájà pè ní agogo mẹ́wàá. Yàrá 9 fún ti 4, yàrá ọmọ rẹ̀ fún ti 7. Ó ní wákàtí kan yẹn yé òun, ó dà bí ìgbà tí òun wà ní Jẹ́dà tí òun ń pe ilé. Ó wá béèrè ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún: "Ìwé owó oṣooṣù tí ẹ̀rọ yẹn ń tẹ̀ fún mi ńkọ́, ṣé òun náà ò ní aago?"

8. Ohun tó ṣẹ́ kù

Mo wá `toISOString` nínú gbogbo fáìlì. Ó wà ní ibi méjì míì. Ọ̀kan wà lórí rìsíìtì, níbi tó ti ń kọ ọjọ́ òní: ó máa ń ṣi í kọ láàárín agogo méjìlá òru sí agogo kan nìkan, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mo ti tún un ṣe. Èkejì wà nínú ìwé owó oṣooṣù gan-an, níbi tí agogo méjìlá òru ọjọ́ kìíní oṣù ti ń di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá. Owó ọjọ́ kan látinú oṣù Keje ti wà nínú ìwé oṣù Kẹjọ báyìí. Ọ̀la ni màá tún un ṣe, ìméèlì míì sì nìyẹn.